Ọmọ tó ṣí àkáǹtì ti lọ: bí ìsọ̀ ṣe lè gba Google Workspace rẹ̀ padà (ọ̀rọ̀ ohùn, apá kìíní àti ìkejì)

Mo gbọ́ ìbéèrè tí ìyá wa kan fi ohùn ránṣẹ́ síbí lánàá, mo sì rí i pé èèyàn mẹ́ta ló dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn náà. Ìyá ní ọmọ tó ṣí ímeèlì ìsọ̀ fún àwọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó ṣì ń jáde lórí káàdì lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wọ ibi tí wọ́n ti ń darí rẹ̀. Wọ́n ní kí ni kí àwọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀. Ti Google Workspace nìkan ni mo máa sọ, torí òun ni mo rí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Òkè Ọya níbí ń lò, òun náà ni mo sì ń bá àwọn oníbàárà mi ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ orúkọ yẹn, ìyẹn ni ímeèlì tó ní orúkọ ìsọ̀ yín lẹ́yìn àmì @, tí ẹ ń sanwó rẹ̀ ní iye èèyàn tó ń lò ó, pẹ̀lú Drive tí ẹ ń kó ìwé owó ọjà àti ìṣirò ọjà sí. Ti gmail.com ọ̀fẹ́ yàtọ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni pé ẹni tó ń sanwó kọ́ ni Google mọ̀ sí olóhun. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ṣe rí? O lè máa san owó ìsọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí orúkọ ẹlòmíràn bá wà nínú ìwé, ìwé yẹn ni wọ́n máa wò. Nínú Google Workspace, ẹni tí wọ́n ń pè ní Super Admin ni ọ̀gá pátápátá. Ẹni tó ṣí àkáǹtì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ó máa ń di Super Admin fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án. Super Admin nìkan ló sì lè sọ ẹlòmíràn di Super Admin. Àwa yòókù, títí kan ọ̀gá tó ni ìsọ̀, tó ni owó, tó gba ọmọ náà síṣẹ́, olùlò lásán la jẹ́. A lè ka ímeèlì wa, a lè ránṣẹ́, ṣùgbọ́n a kò lè fi èèyàn kún un, a kò lè yọ èèyàn kúrò, a kò sì lè yí káàdì tó ń sanwó padà.

Nítorí náà, tí ẹ bá kó risíìtì báǹkì ọdún mẹ́ta dání, ẹ ò lè fi wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn Super Admin tí Google máa ń fi mọ olóhun, òun ni orúkọ tó wà lẹ́yìn àmì @ yẹn, tí wọ́n ń pè ní dómeènì, èyí tó máa ń parí sí .com tàbí .com.ng. Ẹni tó bá lè kọ nǹkan sínú ìwé dómeènì náà, òun ni Google máa gbà pé ó ni ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta tó rọrùn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú, torí wọ́n máa gbà yín ní wàhálà ọ̀sẹ̀ kan.

Àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá Super Admin mìíràn wà tí ẹ kò mọ̀. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó ní ímeèlì ìsọ̀ lọ sí admin.google.com, kó fi ímeèlì iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Tí wọ́n bá sọ fún un pé kò láṣẹ, òun kọ́ nìyẹn. Tí ojú ewé tó ní Directory àti Billing bá ṣí, ẹ kú oríire. Mo ti rí i ní Kàdúná, akọ̀wé owó ni ọmọ tó lọ ti fi ṣe Super Admin láti ọjọ́ tó ti pẹ́, obìnrin náà ò sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí a ní kó dán an wò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ pe ọmọ náà. Mo mọ̀ pé ó lè ti fi ìjà kúrò. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan wà níbí tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ yẹn gan-an wọn kò fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì ní kó fún yín ní páásíwọ́ọ̀dù kankan. Ṣe ló máa wọ admin.google.com lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà níbikíbi tó bá wà, kó lọ sí Directory, kó tẹ Users, kó tẹ orúkọ ọ̀gá, kó wá Admin roles and privileges, kó tan Super Admin, kó tẹ Save. Ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa yọ ọmọ náà kúrò nípò. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó oṣù tó kẹ́yìn, ẹ san án kí ẹ tó pè é. Mi ò sọ ìyẹn láti fi bá ẹnikẹ́ni wí o, ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà fóònù ìsọ̀ ni ọmọ náà fi sí àkáǹtì rẹ̀. Ẹ lọ síbi tí a ti ń wọlé, ẹ kọ ímeèlì iṣẹ́ tó ń lò, ẹ tẹ Forgot password. Tí Google bá ní òun máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan, tí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn jọ ti ìlà ìsọ̀, ọ̀nà ti là. Ímeèlì iṣẹ́ tí ìsọ̀ ń sanwó rẹ̀ nìkan ni mo ń wí o. Gmail tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní, ẹ má fọwọ́ kàn án, kódà tí ẹ bá mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Tirẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan kan kù kí n tó kúrò níbí. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ iléeṣẹ́ kan ní Nàìjíríà níbí lẹ ti ra Google Workspace, tó jẹ́ àwọn lẹ ń sanwó fún ní náírà tí wọ́n sì ń fún yín ní risíìtì, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n. Wọ́n lè ní ọ̀nà tiwọn láti bá Google sọ̀rọ̀ lórúkọ yín.

Tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dí, ó wá di ọ̀nà dómeènì. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ṣàlàyé, ó ti gbà kí n sọ ọ́, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun. Ẹ̀yà ọ̀kadà ni wọ́n ń tà ní Sábọ́ngàrí ní Kánò, wọ́n sì ní ẹ̀ka kan ní Kàdúná àti ọ̀kan ní Jọ́ọ̀sì. Ímeèlì mẹ́fà ni wọ́n ń sanwó fún. Ọmọ tó ṣètò rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta, ó pa fóònù rẹ̀ dé, nọ́ńbà tó fi sí àkáǹtì sì jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n kò ka ọ̀rọ̀ náà sí nígbà yẹn, torí ímeèlì ṣì ń wọlé, àwọn tó ń kó ọjà fún wọn láti Èkó ṣì ń rí wọn bá sọ̀rọ̀.

Oṣù kẹfà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó lè ṣí ímeèlì fún un. Ìyẹn kéré. Èyí tó tóbi ni pé káàdì báǹkì tó ń sanwó náà máa parí ní òpin oṣù keje. Báǹkì ti fún ẹ̀gbọ́n ní káàdì tuntun, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà káàdì tuntun sí, inú ojú ewé Super Admin ló wà. Tí owó kò bá lọ mọ́, Google á kọ́kọ́ máa kìlọ̀, ìkìlọ̀ yẹn á sì máa lọ sí ímeèlì ọmọ tó ti lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á ti àkáǹtì pa. Ẹni tó bá kọ ímeèlì sí ìsọ̀, lẹ́tà rẹ̀ á padà sí i. Tó bá sì pẹ́ jù, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù nígbà tí ẹ̀gbọ́n pè mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n kì í ṣe ti Google rárá. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ta ló ra dómeènì? Wọ́n ní àwọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ dómeènì. Mo ní kí wọ́n wá inú Gmail tiwọn gan-an, kí wọ́n kọ orúkọ ìsọ̀ pẹ̀lú .com.ng síbi ìwákiri. Ohun tó jáde ni risíìtì ọdọọdún láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ta dómeènì. Gmail ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi ra á ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí fóònù wọn ni wọ́n fi sanwó. Ẹ wo ohun kékeré tó gba ìsọ̀ là. Wọ́n lọ sí wẹ́bsáìtì iléeṣẹ́ yẹn, wọ́n ní àwọn gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n rí tuntun gbà, wọ́n wọlé. Tó bá jẹ́ pé ímeèlì iṣẹ́ ọmọ náà ni wọ́n fi ra á ni, ìlẹ̀kùn méjì ni ìbá jẹ́, tí kọ́kọ́rọ́ èkejì sì wà nínú ilé àkọ́kọ́. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà la wá lọ bá Google. Ojú ewé tí wọ́n fi ṣe é ni toolbox.googleapps.com/apps/recovery/form. Ìbéèrè ló wà níbẹ̀: kí ni dómeènì yín, kí ni ó ṣẹlẹ̀, ímeèlì wo la fi lè rí yín. Níbi ímeèlì yìí, ẹ kọ èyí tí ẹ lè ṣí lónìí, ìyẹn Gmail tiyín, ẹ má kọ ímeèlì ìsọ̀. Wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kan, wọ́n á sì ní kí ẹ lọ kọ ọ́ sínú ìwé dómeènì yín. Ìwé yẹn ni ojú ewé tó ń jẹ́ DNS níbi tí ẹ ti ra dómeènì. Bí ohun tí ẹ máa kọ ṣe máa ń rí rèé:

```
Type:  CNAME
Host:  12345678
Value: google.com
```

Nọ́ńbà tí wọ́n fún yín ni ẹ máa fi rọ́pò ti òkè yẹn. Tí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ yín bá yàtọ̀ sí èyí ní ohunkóhun, tojú ẹ̀rọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìlà tuntun ni ẹ ń fi kún un o, ẹ kò pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ máa rí àwọn ìlà tí wọ́n kọ MX sí níwájú, àwọn yẹn ló ń darí ímeèlì yín wá sọ́dọ̀ Google. Ẹni tó bá pa wọ́n rẹ́, ímeèlì ìsọ̀ á dákẹ́ kíá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ló bá wọn kọ ìlà náà ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú dé, Google ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní bóyá ọmọ tó lọ ló ń bá àwọn jà láti ibi tó wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ojú ewé kan tí Google ṣe, toolbox.googleapps.com/apps/dig, ibẹ̀ lèèyàn ti lè wo ohun tí gbogbo ayé ń rí nínú ìwé dómeènì. Mo kọ nọ́ńbà náà, mo fi àmì ìdánudúró kan, mo kọ dómeènì tẹ̀ lé e, mo tẹ CNAME. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìlà tí ọmọ náà kọ wà nínú ìwé tí òun ń wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé yẹn ni ayé ń kà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ibí yìí ni èèyàn púpọ̀ máa ń há sí. Iléeṣẹ́ tí ẹ ti ra dómeènì lè yàtọ̀ sí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe wẹ́bsáìtì fún ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣe é ti gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó gba wẹ́bsáìtì náà sílé. Ojú ewé DNS ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ta dómeènì, ẹ lè kọ ohun tó wù yín síbẹ̀, á tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ ni. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Nameservers sí lọ́dọ̀ ẹni tó ta dómeènì. Orúkọ iléeṣẹ́ tó bá wà níbẹ̀, òun ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. A rí i pé ti iléeṣẹ́ wẹ́bsáìtì ni. Ẹ̀gbọ́n pè wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n fi Gmail tí wọ́n fi ń sanwó ránṣẹ́, wọ́n sì bá wọn kọ ìlà náà sí ibi tó yẹ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo tún wo Dig, ó ti jáde.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀: àwọn ojú ewé DNS kan máa ń fi dómeènì kún ohun tí ẹ bá kọ sí Host fúnra wọn. Tí ẹ bá kọ nọ́ńbà pẹ̀lú dómeènì lódindi, á wá di 12345678.example.com.ng.example.com.ng. Dómeènì á jáde lẹ́ẹ̀méjì, Google ò sì ní rí i. Ẹ kọ nọ́ńbà nìkan, ẹ fi pamọ́, kí ẹ wá wo bó ṣe jáde. Tí ìlà bá tọ̀nà, tó sì wà níbi tó tọ̀nà, ó lè yọ láàárín wákàtí mélòó kan, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má máa pa á rẹ́ kí ẹ tún kọ ọ́, ṣe ni ìyẹn máa ń fa ọjọ́ gùn.

Nígbà tí Google rí ìlà náà, wọ́n kọ̀wé sí Gmail ẹ̀gbọ́n, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àkáǹtì náà, wọ́n sì fún wọn ní ọ̀nà láti yí páásíwọ́ọ̀dù Super Admin padà. Ẹ̀gbọ́n wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì kù kí káàdì tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, ohùn yìí ti ń gùn. Apá kejì ń bọ̀ báyìí.

Apá kejì. Ẹ kú ìdúró o.

Mo ní mo máa padà sórí ẹni tí dómeènì rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìyẹn le jù, mi ò ní tàn yín. Tó bá jẹ́ pé orúkọ ìsọ̀ ni wọ́n fi ra á, ṣùgbọ́n ímeèlì ọmọ tó lọ ni wọ́n fi ń wọlé, ẹ lọ bá iléeṣẹ́ tó ta á. Wọ́n máa ń béèrè ìwé CAC ìsọ̀, káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ni ìsọ̀, àti lẹ́tà tí ẹ buwọ́ lù, kí wọ́n tó yí ímeèlì náà padà. Tí dómeènì yín bá parí sí .ng, NiRA ni àjọ tó ń darí gbogbo wọn ní Nàìjíríà. Lórí wẹ́bsáìtì wọn, ẹ lè wo iléeṣẹ́ tó forúkọ dómeènì yín sílẹ̀ tí ẹ kò bá rántí ibi tí wọ́n ti ra á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orúkọ ọmọ náà gan-an ló wà níbi olóhun, lójú ìwé, òun ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sanwó. Ẹ ní láti bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè bá yín ṣe ìyẹn.

Ẹnìkan bi mí lórí ìlà mi pé, kí ló dé tí òun kò kàn ní ṣí Google Workspace tuntun pẹ̀lú dómeènì kan náà? Kò ní gbà. Google á sọ fún yín pé ẹnìkan ti ń lo dómeènì yìí, torí àkáǹtì àtijọ́ ṣì di í mú. Ẹlòmíràn ní òun máa ní kí báǹkì dá owó dúró kí gbogbo rẹ̀ lè parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ímeèlì ìsọ̀ lẹ máa fi pa, lẹ́tà àwọn oníbàárà àti ìwé owó ọjà tó wà nínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí owó máa lọ títí ẹ ó fi wọlé.

Ó yá, ẹ ti wọlé. Kí lẹ máa ṣe, kí ló sì ṣáájú?

Ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú àkáǹtì ọmọ tó lọ, torí òun ni Super Admin. Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a sọ ímeèlì ẹ̀gbọ́n fúnra wọn di Super Admin, a sì fi ọmọ wọn tó wà ní Kàdúná ṣe ìkejì. Èèyàn méjì ló tó, kí ọ̀kan lè ṣílẹ̀kùn fún èkejì tí fóònù bá sọnù. Ẹ̀gbọ́n wá jáde, wọ́n fi ímeèlì tiwọn wọlé, ó ṣí. Ìgbà yẹn la tó padà sórí àkáǹtì ọmọ náà. A yọ Super Admin kúrò lára rẹ̀. A yọ nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì ìgbàpadà tó fi síbẹ̀. A tẹ ibi tó máa ń lé gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ṣì wà nínú àkáǹtì náà jáde. Ẹni tó bá fi ìyẹn sílẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù lè ti yí padà tí fóònù àtijọ́ kan á ṣì wà nínú ilé fún ìgbà díẹ̀.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ṣe pàtàkì. Ẹ má yọ àtijọ́ kúrò kí ẹ tó rí i pé tuntun ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá lọ sí Account settings, níbi Profile. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ímeèlì ẹni tí Google mọ̀ sí ọ̀gá àkáǹtì, pẹ̀lú ímeèlì kejì tí wọ́n máa ń kọ̀wé sí tí nǹkan bá bàjẹ́. Méjèèjì jẹ́ ti ọmọ tó lọ, èkejì sì jẹ́ Gmail rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ kankan kò fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. A fi ti ẹ̀gbọ́n rọ́pò wọn. A wọ Billing, a tẹ Payment accounts, a fi káàdì tuntun sí i, a sọ ọ́ di èyí tó ń sanwó, kí a tó yọ ti àtijọ́. Ẹ tún wo inú ibẹ̀ yẹn dáadáa, ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn tó ń bójú tó ìsanwó sí. Ìwé ìsanwó yàtọ̀ sí ipò Super Admin. Orúkọ ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ nípò, a ní láti yọ ọ́ níbẹ̀ náà.

Ó wá ku àkáǹtì ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, kí a pa á rẹ́, kí owó èèyàn kan dín kù. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Tí ẹ bá pa olùlò rẹ́, ogún ọjọ́ péré lẹ ní láti dá a padà, lẹ́yìn ìyẹn ó lọ nìyẹn, òun àti gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. Ẹ sì rí i, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta pẹ̀lú àwọn tó ń kó ọjà wá láti Èkó wà: iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, ẹrù tó fọ́ tí wọ́n ní àwọn máa san, gbogbo rẹ̀. Àwọn kan máa ń dá olùlò dúró, ìyẹn Suspend, wọ́n rò pé owó ti dúró. Owó kò dúró. Ẹni tí a dá dúró ṣì ń jẹ owó oṣù rẹ̀ lọ́dọ̀ Google.

Ohun tí a ṣe ni pé a yí orúkọ àkáǹtì náà padà. Ó wà ní Directory, Users, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ ó rí Rename user. A sọ ọ́ di ti ẹ̀ka ọjà, kì í ṣe ti èèyàn kan. Gbogbo lẹ́tà àtijọ́ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì àtijọ́ náà sì ṣì ń gba lẹ́tà sínú rẹ̀, torí Google máa ń fi àdírẹ́sì àtijọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ kejì. Ẹni tó bá kọ̀wé sí ọmọ náà láti Èkó lónìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bójú tó ọjà ló máa dé. Owó ò sì lé, torí èèyàn mẹ́fà náà ṣì ni. Ọmọbìnrin Jọ́ọ̀sì la gbé àkáǹtì náà fún, òun ló wá di olùlò kẹfà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé àpótí èèyàn fún ẹlòmíràn, ẹ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ náà lórí Wọ́sáàpù pé tó bá ní ohun tara rẹ̀ níbẹ̀, bíi àwòrán tàbí ìwé ẹ̀rí, kó sọ, àwọn á kó o fún un. Ó dáhùn o! Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí kò gbé fóònù. Ìwé NYSC rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn ni àwọn fáìlì Drive. Ẹni tó bá fẹ́ pa olùlò rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó fáìlì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó wà ní Apps, Google Workspace, Drive and Docs, Transfer ownership. Ẹ máa kọ ímeèlì ẹni tó ń lọ sí òkè, ti ẹni tó ń gbà á sí ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣí lọ pa pọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú Workspace kan náà. Níbí la ti rí ọ̀fìn kan tí mi ò retí: ìwé owó ọjà, èyí tí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ní àràárọ̀, kò sí nínú àkáǹtì iṣẹ́ ọmọ náà rárá. Gmail tirẹ̀ ló fi ṣe é, ó wá pín in fún wọn. Super Admin kò lè gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe ti ìsọ̀ lójú Google. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá pa á rẹ́, ó parí. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ lọ sí File, kí ẹ tẹ Make a copy, kí ẹ fi ẹ̀dà náà sínú Drive ìsọ̀, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹ̀ka pé ẹ̀dà yìí ni kí wọ́n máa lò láti òní lọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ yan fáìlì náà nínú Drive, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Owner sí. Tí ohun tó wà lẹ́yìn @ bá jẹ́ gmail.com, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ wá risíìtì dómeènì yín lálẹ́ òní. Ẹ kọ orúkọ dómeènì síbi ìwákiri nínú Gmail yín, kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Tí kò bá sí nǹkan kan, ẹ bi ẹni tó ṣe wẹ́bsáìtì yín. Ìyá tó béèrè lánàá, ẹ fi orúkọ iléeṣẹ́ tó wà níbi Nameservers ránṣẹ́ sí mi lórí ìlà mi, ẹ má gbé e síbí, ẹ má sì fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Mo wà ní ìsọ̀ títí di aago méje.